Infulẹ́ńsà gba ₦60,000, kóòdù ẹ̀ mú èèyàn méje wá: ṣé mo jèrè àbí mo pàdánù?

Aládìrẹ Ìtòkú
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Bùbá àdìrẹ ni mò ń tà, ₦20,000 ẹyọ kan. Mo fún infulẹ́ńsà kan tó ní fọ́lówà bíi 14,000 ní ₦60,000 pẹ̀lú bùbá ọ̀fẹ́ kan, ó sì fún àwọn èèyàn ẹ̀ ní kóòdù SADE10 kí n lè bá wọn yọ ₦2,000. Èèyàn méje ló lo kóòdù yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ mi ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì, ọmọ yẹn náà ní iṣẹ́ òun dáa. Báwo lẹ̀yin ṣe ń mọ̀ bóyá owó tẹ́ ẹ san padà wọlé, èló ló sì yẹ kéèyàn san gan-an?

---

Ọmọ Àpáta
Kí ló wá ń dà yín láàmú? Èèyàn méje lọ́nà ₦18,000, ₦126,000 nìyẹn. Ẹ san 60, ẹ rí 126. Ìlọ́po méjì owó yín ló padà wá. Ẹ tún pè é kó tún un ṣe kíá, kí ẹlòmíì tó gbà á mọ́ yín lọ́wọ́.

---

Baba Akáǹtì
Ọmọ Àpáta, rọra o. ₦126,000 yẹn kì í ṣe tiwọn. Owó aṣọ wà níbẹ̀, owó aró wà níbẹ̀, owó télọ̀ wà níbẹ̀. Tó bá jẹ́ owó tó wọlé lèèyàn fi ń wọn infulẹ́ńsà, gbogbo wọn ló máa dáa lójú ẹ̀ títí owó tó fi ń ṣòwò á fi tán. Àǹtí Aládìrẹ, èló ni bùbá kan ń ná yín kó tó kúrò lọ́wọ́ yín? Ẹ má gbàgbé láílọ́ọ̀nù àti káàdì ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ń fi sínú ẹ̀ o.

---

Aládìrẹ Ìtòkú
Aṣọ, aró, télọ̀, gbogbo ẹ̀ ₦11,000. Láílọ́ọ̀nù àti káàdì ₦500. Dẹlifárì, kọ́sítọ́mà ló ń san án fúnra wọn.

---

Baba Akáǹtì
Ó dáa, ó ti yé mi báyìí.

Bùbá kan ná yín ní ₦11,500, ẹ ń tà á ní ₦20,000, èrè yín lórí ọ̀kan jẹ́ ₦8,500. Ẹni tó bá mú kóòdù wá san ₦18,000, ìyẹn ni pé èrè tó kù lórí tiẹ̀ jẹ́ ₦6,500. Owó tẹ́ ẹ ná lórí ọmọ yẹn náà kì í ṣe ₦60,000 o, bùbá ọ̀fẹ́ yẹn wà níbẹ̀. Ẹ má kà á ní ₦20,000 torí ẹ ò tà á, ẹ kà á ní iye tó ná yín. Gbogbo ẹ̀ wá di ₦71,500.

Ẹ wá fi ₦6,500 pín ₦71,500. Mọ́kànlá ló fún yín. Bùbá mọ́kànlá gbọ́dọ̀ lọ pẹ̀lú kóòdù kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀ láìjèrè láìpàdánù. Méje ló lọ, ₦45,500 nìyẹn, ó ku ₦26,000 kó pé.

Ìṣirò yìí ló yẹ kẹ́ ẹ ti ṣe kẹ́ ẹ tó bá a dúnàádúrà. Téèyàn bá ti mọ̀ pé mọ́kànlá ló gbọ́dọ̀ tà, á bi ara ẹ̀ pé ṣé ẹni tí èèyàn 2,000 tàbí 3,000 ń wo fídíò ẹ̀ lè ta mọ́kànlá bùbá ₦18,000. Tí ọkàn ẹ̀ ò bá gbà á, kó gé owó yẹn kù tàbí kó wá ẹlòmíì.

---

Ọmọge Fídíò
Ẹ kú ìjíròrò o. Infulẹ́ńsà lèmi náà, fọ́lówà mi ò tó 20,000, mo sì fẹ́ sọ tẹnu mi torí àwa lẹ ń bú láti àárọ̀.

Àǹtí, kì í ṣe gbogbo ẹni tí fídíò wa mú wá ló ń rántí kóòdù. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, èèyàn wo ọ̀hún lóru ó sùn, lọ́jọ́ kẹta ló rántí, ó wá péèjì yín wá, ó wọ Wátsáàpù, "ẹ jọ̀ọ́ èló ni bùbá yẹn," ó san owó sí báǹkì, ó tán. Kóòdù ò jáde lẹ́nu ẹ̀. Kì í ṣe ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní àyè tí wọ́n ń tẹ kóòdù sí lẹ̀ ń lò, ẹnu kọ́sítọ́mà lẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ẹ ò lè wá sọ pé àwọn tó sọ kóòdù nìkan ni mo mú wá.

Ìkejì ẹ̀, iṣẹ́ tèmi ni kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti polówó fún ẹnì kan rí, àwọn èèyàn mi ń ránṣẹ́ sí mi pé ẹni yẹn ò dá àwọn lóhùn láti ìrọ̀lẹ́ di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wá di pé èmi ni mi ò tajà. Ẹ wo iye èèyàn tó bi yín ní èló ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ wo iye tẹ́ ẹ dá lóhùn láàárín wákàtí kan.

---

Onírun Bódìjà
Òótọ́ ni Ọmọge Fídíò sọ ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ òdìkejì ẹ̀ o, torí kóòdù lè purọ́ sókè náà bó ṣe lè purọ́ sísàlẹ̀. Ìpara irun lèmi ń tà. Mo fún ẹnì kan ní kóòdù, mi ò fi ọjọ́ tó máa kú sí i. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ dáa. Nígbà tó yá mo rí i pé kóòdù yẹn ń wá láti Ọwọ̀, láti Ìkàrẹ́, níbi tí ọmọ yẹn ò ní èèyàn, sítórì ẹ̀ sì ti kú tipẹ́. Mo bi obìnrin kan pé níbo lẹ ti rí kóòdù yìí, ó ní wọ́n gbé e sí gúrúùpù àwọn ìyá ọmọ wọn lórí Wátsáàpù. Àwọn kọ́sítọ́mà mi àtijọ́ pàápàá ń fi rà, àwọn tó ń ra tẹ́lẹ̀ ní owó pípé, tí wọn ò tiẹ̀ mọ ọmọ yẹn rí. Mo wá ń yọ owó fún èèyàn tó ti fẹ́ rà tẹ́lẹ̀, mo tún ń san kọmíṣàn lórí ẹ̀. Àtìgbà náà, ọjọ́ méje ni kóòdù mi ń lò, ó sì ti kú.

---

Baba Akáǹtì
Ẹ ṣé. Àǹtí Aládìrẹ, ẹ bá wa ṣe nǹkan méjì. Ẹ lọ wo àwọn méje yẹn nínú Wátsáàpù yín, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan ti rajà lọ́wọ́ yín rí. Lẹ́yìn náà ẹ wo àwọn tó ra ní owó pípé ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ wò ó bóyá ẹnì kan dárúkọ ọmọ yẹn tàbí ó fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́.

---

Ará Pẹ́kámù
Ẹ kú àsìkò yìí o. Mo fẹ́ bi yín, ṣé ọmọ yẹn kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìpolówó ni? Nítorí níbí tá a wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n bá ti fún èèyàn lówó tàbí lọ́jà ọ̀fẹ́, dandan ni kó kọ #ad síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i, àjọ tó ń rí sí ìpolówó níbí ò fi ṣeré. Mo ń ta ankara níbí, ọmọ tí mo fún láṣọ ò kọ ọ́, wọ́n sì kọ̀wé sí wa.

---

Ọmọ Àpáta
Bọ̀dá, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń bèèrè nìyẹn, owó ni wọ́n ń bèèrè.

---

Onírun Bódìjà
Ó kàn wá náà o. Nílé níbí, àjọ ARCON ló ń rí sí ìpolówó, òfin wọn ti 2022 sì kan orí íńtánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Ṣé ẹnì kan ń tẹ̀lé e lọ́jà kékeré? Mi ò tíì rí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta ìpara tàbí oúnjẹ bíi tèmi, NAFDAC náà wà níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí infulẹ́ńsà sọ pé ọjà yín ń wo àrùn o. Àdìrẹ ò ní wàhálà yẹn. Bó ti wù ó rí, Ínsítágírámù ní "Paid partnership" tí wọ́n lè tẹ̀, kò sì lé kọ́sítọ́mà tèmi lọ rí.

---

Aládìrẹ Ìtòkú
Mo ti wò ó. Orí mi gbóná díẹ̀ o.

Nínú àwọn méje yẹn, méjì ti rajà lọ́wọ́ mi rí. Ìkan nínú wọn ra lóṣù tó kọjá, ìkejì ti pẹ́ díẹ̀. Nínú àwọn tó san owó pípé, mẹ́rin ló sọ pé àwọn rí i lọ́dọ̀ ọmọ yẹn, ìkan tiẹ̀ fi fọ́tò ibi tó ti ká fídíò dúró ránṣẹ́, "irú eléyìí gan-an ni mo fẹ́." Wọn ò sọ kóòdù, èmi náà ò sì bi wọ́n.

Nǹkan míì tí mo rí ni pé àwọn tó bèèrè tí wọn ò rà pọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì ń bèèrè bóyá ti Ṣáínà ni. Mo rò pé wọ́n ń yọ mí lẹ́nu ni.

---

Baba Akáǹtì
Ẹ jẹ́ ká tún un ṣírò.

Nínú méje, márùn-ún ni tuntun. Márùn-ún lọ́nà ₦6,500 jẹ́ ₦32,500. Àwọn méjì àtijọ́, mi ò ní ka èrè wọn sí iṣẹ́ ọmọ yẹn, màá gbà pé wọn ì bá ti rà ní owó pípé, torí náà ₦2,000 tẹ́ ẹ yọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, àdánù ni. Ẹ yọ ₦4,000, ó ku ₦28,500. Ẹ wá fi àwọn mẹ́rin tí wọn ò sọ kóòdù kún un. Owó pípé làwọn san, èrè ₦8,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ₦34,000 nìyẹn. Gbogbo ẹ̀ pa pọ̀ jẹ́ ₦62,500. Owó tẹ́ ẹ ná jẹ́ ₦71,500. Ó ku ₦9,000 kó pé.

Ẹ wò ó, ₦26,000 la kọ́kọ́ rò pé ẹ pàdánù. Tá a bá ka kóòdù nìkan, tá a sì yọ àwọn àtijọ́, ₦43,000 ni ì bá jẹ́. Ó wá di ₦9,000. Ọ̀sẹ̀ kan náà, ọjà kan náà, ọmọ kan náà. Ohun tó yí padà ò ju ohun tá a bi kọ́sítọ́mà lọ. Ọkọ yín ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ̀bi, ọmọ yẹn náà ò sì purọ́.

Ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kẹ́ ẹ máa bi gbogbo ẹni tó bá wọ Wátsáàpù yín ni, "Ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti gbọ́ nípa wa?" Kẹ́ ẹ kọ ìdáhùn síwèé kẹ́ ẹ tó dárúkọ iye owó, torí téèyàn bá ti sanwó tán kì í dáhùn mọ́.

---

Ọmọge Fídíò
Ẹ ṣé bàbá. Ẹ fi líǹkì kún un. Infulẹ́ńsà kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní líǹkì Wátsáàpù tiẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti wà nínú ẹ̀, báyìí:

```
https://wa.me/234XXXXXXXXXX?text=SADE10
```

Nọ́mbà yín ló máa wọ ibi X yẹn. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́, Wátsáàpù yín á ṣí, SADE10 á ti wà níbi tó ti fẹ́ kọ̀wé, kó kàn tẹ ẹ́ ránṣẹ́ ni. Kò nílò kó rántí nǹkan kan. Nínú sítórì ẹ̀ ni kó fi í sí, torí tí wọ́n bá kọ líǹkì sábẹ́ fídíò ríìlì, kì í ṣeé tẹ̀, àfi kó gbé e sí orí péèjì ẹ̀ lókè. Sítórì náà á sì lọ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rìnlélógún, kó ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ Ṣáínà yẹn, wọn ò yọ yín lẹ́nu o àǹtí. Àdìrẹ tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ wọlé láti Ṣáínà ti kún ọjà, ẹ̀rù ń ba èèyàn láti fi ₦20,000 ra ayédèrú. Ọmọ yẹn wọ bùbá, ó jó, ó rẹ́rìn-ín. Tó bá jẹ́ èmi ni, Ìtòkú ni màá wá, màá ya ibi tí wọ́n ti ń ri í sínú aró, ibi tí wọ́n ti ń tú okùn ẹ̀, kí wọ́n rí i pé ẹ̀yìn aṣọ náà gba aró.

---

Ọmọ Àpáta
Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi pé fọ́lówà àti láìkì lẹ gbọ́dọ̀ wò. Ẹ ka láìkì àti kọ́mẹ́ǹtì lórí fídíò mẹ́wàá, ẹ fi iye fọ́lówà pín in. Tó bá kéré, ẹ má san.

---

Onírun Bódìjà
Ó dáa láti fi lé àwọn tó ra fọ́lówà lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ka kọ́mẹ́ǹtì yẹn dáadáa kó o tó yọ̀. "Ó rẹwà gan-an," "iná, iná, iná," tó o bá tẹ àwọn tó kọ ọ́, infulẹ́ńsà ẹgbẹ́ ẹ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n ń bá ara wọn kọ ọ́ ni. Èyí tó ń pa owó ni "èló ni?" àti "níbo lẹ wà?"

Kó o sì ní kó fi ìlú tí àwọn èèyàn ẹ̀ wà hàn ẹ́, Ínsítágírámù ń fi hàn án. Má gba fọ́tò, wọ́n ń tún fọ́tò ṣe. Ní kó ká ojú fóònù ẹ̀ sílẹ̀ ní fídíò bó ṣe ń ṣí i. Ẹnì kan tí mo fẹ́ fún níṣẹ́, nígbà tí mo sọ báyìí, kò dá mi lóhùn mọ́ títí dòní.

---

Baba Akáǹtì
Ó ku nǹkan kan tẹ́nì kan ò tíì bèèrè. Ọjọ́ wo nínú oṣù ni fídíò yẹn jáde?

---

Aládìrẹ Ìtòkú
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

---

Baba Akáǹtì
Ọ̀sẹ̀ owó oṣù nìyẹn. Ọjà á tà ju ti àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù lọ díẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn yálà infulẹ́ńsà wà tàbí kò sí. Torí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà ròkè, ẹ má fi í wé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ fi í wé ọ̀sẹ̀ owó oṣù tó kọjá. Mi ò ní kẹ́ ẹ yí ọjọ́ padà o, ìgbà tówó wà lọ́wọ́ èèyàn ló dáa jù láti polówó.

Ó wá kan iye tó yẹ kẹ́ ẹ san. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní san ₦60,000 lẹ́ẹ̀kan mọ́. Màá ní kó gba ₦30,000 fún iṣẹ́ fídíò, kó tún máa gba ₦2,000 lórí bùbá kọ̀ọ̀kan tó bá gba ọ̀dọ̀ ẹ̀ lọ. Tó bá ta méje, ₦44,000 ló gbà. Tó bá ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ₦60,000 ẹ̀ ti pé. Lẹ́yìn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti ń jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú yín á sì dùn láti san án. Tiyín náà, ẹ ó ní ₦4,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bùbá mẹ́wàá lẹ nílò kí ₦30,000 àti bùbá ọ̀fẹ́ yẹn tó jáde.

---

Ọmọge Fídíò
Bàbá, ó dùn létí ṣùgbọ́n èmi ò lè gbà á báyẹn. Ta ló ń ka iye tó tà? Ẹ̀yin ni. Mo ti gba irú ẹ̀ rí, ẹni yẹn ní bùbá mẹ́ta ló lọ, àwọn èèyàn mi sì ń fi tiwọn hàn mí ní sítórì, mo kà ju mẹ́ta lọ. Mi ò lè bá a jà, ìwé ò sí lọ́wọ́ mi. Tí ẹ bá fẹ́ kọmíṣàn, ẹ jẹ́ kí n máa rí ìwé yẹn, kẹ́ ẹ sì sanwó ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ san owó mi pé.

Ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀, lórí Wátsáàpù náà ti tó: fídíò mélòó, ọjọ́ wo, ó gbọ́dọ̀ wà lójú péèjì mi fún ìgbà wo kí n tó pa á rẹ́, àti bóyá ẹ lè mú fídíò mi lọ fi ṣe ìpolówó tẹ́ ẹ ń sanwó fún. Ojú mi ni, ìyẹn ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀.

---

Onírun Bódìjà
Ìdájọ́ tó tọ́ ni Ọmọge Fídíò dá lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ àti nọ́mbà kọ́sítọ́mà yín ránṣẹ́ sí i o, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 wà ńlẹ̀. Èmi máa ń kọ ọjọ́, iye owó, àti nọ́mbà mẹ́rin tó kẹ́yìn fóònù wọn. Ó tó fún un láti fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí mi ò gbà ni kéèyàn san kọmíṣàn lórí kọ́sítọ́mà àtijọ́. Èmi ni mo ní in.

---

Ọmọge Fídíò
Tó bá ti di oṣù mẹ́jọ tí ò rà, tí fídíò mi wá jẹ́ kó rántí yín, ta ló mú un wá?

---

Aládìrẹ Ìtòkú
Hẹ̀n-ẹn, ohun tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn méjì yẹn, ó ti tó ọdún kan àbọ̀ tó rà kẹ́yìn. Mo ti bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ó gba ₦30,000 àti ₦2,000 yẹn, Mọ́ńdè Mọ́ńdè, ó sì fẹ́ wá sí Ìtòkú wá ya ibi aró. Àwọn àtijọ́ yìí nìkan la ò tíì fẹnu kò lé lórí.

---

Baba Akáǹtì
Oṣù mẹ́fà lèmi ń fi dá a. Ẹni tí ò bá tíì rà láti oṣù mẹ́fà, mo kà á sí tuntun, mo san kọmíṣàn ẹ̀.

---

Onírun Bódìjà
Ìpara irun ń tán lóṣù méjì, bàbá. Ẹni tó bá lo oṣù mẹ́fà láìrà ti lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Ti bùbá lè gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹlòmíì ò ń ra àdìrẹ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Tó bá jẹ́ tiyín, ọdún kan ni màá fi dá a, àǹtí, ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ fún un kí fídíò tó jáde.

---

Ọmọ Àpáta
Ẹ san oṣù mẹ́fà fún un jàre, ₦2,000 náà ni. Ẹ bá mi wo péèjì tèmi náà, ẹ̀wà àgọ̀nyìn ni mò ń tà, ẹ̀dínwó wo ni mo fẹ́ yọ lórí ₦1,500?